Fólítì mélòó ló wà nínú ìtànṣán lésà?

Lára tọ́ọ̀ṣì lésà pupa tí àwọn olùkọ́ fi ń nàka sí ojú pátákó, ìwé pélébé kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sí i ni `MAX OUTPUT <1 mW`, `650 nm` àti `CLASS 2`. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé agbára tí tọ́ọ̀ṣì náà ń tú jáde kò ju mìlíwáàtì kan lọ, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì. Èkejì ń sọ irú pupa tí ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìkìlọ̀ fún ojú. Kò sí ọ̀rọ̀ fólítì níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ lésà jẹ́ ìgbì iná mànàmáná òun òòfà, tí pápá iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ bí ìtànṣán náà ti ń rìn. Ẹni tó bá ní ìwé pélébé yẹn lọ́wọ́, tó sì ní rúlà kan àti ẹ̀rọ ìṣirò, lè mọ bí pápá iná náà ṣe le tó láìfi ohunkóhun kàn án.

Kí a kọ́kọ́ la àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀. Okun ni a ń fi jáùlù wọ̀n. Agbára ni iye okun tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáàtì sì la fi ń wọ̀n ọ́n. Pápá iná ni ohun tó ń ti ẹ̀lẹ́kítírónì tàbí ohunkóhun tó bá gbé iná lára, níbikíbi tí nǹkan náà bá wà. Bí ìtì náà ṣe le tó ni a ń fi fólítì lórí mítà kan sọ. Pápá òòfà ni èkejì rẹ̀, tẹ́súlà sì ni ìwọ̀n tirẹ̀.

Nínú ìgbì ìmọ́lẹ̀, pápá méjèèjì kì í rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí pápá iná bá ń lọ sókè sódò, pápá òòfà á máa lọ sọ́tùn-ún sósì, ìgbì fúnra rẹ̀ á sì máa lọ síwájú. Wọ́n jọ ń ga, wọ́n jọ ń rẹlẹ̀, wọ́n sì jọ ń dé òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Tí iwájú ìgbì náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri tó ń rìn, tí gbogbo ojú ògiri náà ń ṣe ohun kan náà lákòókò kan náà, ìgbì pẹrẹsẹ nìyẹn. Ìtànṣán lésà kì í ṣe ìgbì pẹrẹsẹ ní kíkún, nítorí ó ní etí. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2 fẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìlọ́po gígùn ìgbì pupa kan. Fún ẹni tó wà láàárín rẹ̀, ògiri náà tẹ́ dáadáa.

Ní 1884, John Henry Poynting, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Mason College ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé kan jáde tó dáhùn ìbéèrè tí ó ti ń dà àwọn onímọ̀ láàmú: bí okun bá kúrò níbì kan tó sì dé ibòmíràn, ọ̀nà wo ló gbà? James Clerk Maxwell ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé okun ń gbé inú pápá fúnra rẹ̀, kódà níbi tí kò ti sí wáyà. Poynting wá fi ìṣirò hàn pé tí a bá mú pápá iná àti pápá òòfà ibì kan, a lè mọ ìhà tí okun ń ṣàn sí níbẹ̀ àti iye tó ń kọjá. Ìhà náà dúró ní òró sí pápá méjèèjì. Nínú ìgbì pẹrẹsẹ, òun ni iwájú gan-an tí ìmọ́lẹ̀ kọjú sí. Oliver Heaviside, tó ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, dé ibi kan náà láàárín àsìkò yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ Poynting ni ó mọ́ ìṣàn okun yìí lára títí di òní.

Iye okun tó ń kọjá ni ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Ẹni tó dúró létí ọ̀nà Ṣakí tó ń ka iṣu tó ń wọ Ìbàdàn lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ wo bí ọkọ̀ ṣe kún nìkan; ó ní láti wo bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó kún tó ń fà wúyẹ́wúyẹ́ lè kó iṣu tó kéré wọlé ju èyí tó kún dé ìdajì tó ń fò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìmọ́lẹ̀. Iye okun tó ń kọjá lójú mítà onígun mẹ́rin kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni bí okun ṣe kún inú ìgbì tó, tí a fi eré ìmọ́lẹ̀ sọ di púpọ̀. Eré ìmọ́lẹ̀ kò ṣe é yí padà lójú òfúrufú: mítà 300,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a bá gé ẹ̀ẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò. Gbogbo ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìmọ́lẹ̀ tó le àti èyí tó rọ̀, inú bí okun ṣe kún ló wà.

Báwo ni okun ṣe ń kún? Okun inú pápá iná ń tẹ̀lé pápá náà nígbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí pápá bá di ìlọ́po méjì, okun á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́wàá, okun á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Okun inú pápá òòfà ń ṣe bákan náà, àti pé nínú ìgbì pẹrẹsẹ, ìpín àwọn méjèèjì dọ́gba géérégé: ìdajì sí iná, ìdajì sí òòfà. Èyí ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí pápá òòfà ìmọ́lẹ̀ máa ń dà bí ohun tí kò tó nǹkan tí a bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n la fi ń tan ara wa jẹ níbẹ̀. Tẹ́súlà jẹ́ ìwọ̀n tó tóbi púpọ̀, ìpín okun méjèèjì kò sì yàtọ̀ síra.

Ohun kan ṣì kù. Pápá náà kì í dúró lójú kan. Ó ń ga dé ṣóńṣó, ó ń bọ̀ wá sí òdo, ó ń lọ sí òdìkejì, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ pupa 650 nm ń ṣe gbogbo àyípo yìí ní nǹkan bí ìgbà 460 tírílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹ̀rọ ìwọn-agbára kankan tó lè bá a sáré bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ máa ń kà ni ìpíndọ́gba, ìpíndọ́gba yìí sì jẹ́ ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ nígbà tí pápá bá wà ní ṣóńṣó. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà 2 tó wà nínú ìṣirò yìí ti wá. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìlà mẹ́ta péré ló kù:

```
I  = P / (π r²)
E0 = √(2 × 377 × I)
B0 = E0 / 300000000
```

`P` ni agbára ìtànṣán ní wáàtì, `r` ni ìdajì ìdábùú rẹ̀ ní mítà, `I` ni ìmúná ìmọ́lẹ̀, ìyẹn wáàtì lójú mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. `E0` ni ṣóńṣó pápá iná, `B0` ni ṣóńṣó pápá òòfà. Nọ́ńbà 377 yẹn dúró fún òfúrufú fúnra rẹ̀, óòmù ni ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún afẹ́fẹ́ náà láìsí ìyàtọ̀ tó ṣe é rí. Nínú gíláàsì tàbí omi, ó máa dín kù.

Ó yá, kí a padà sídìí tọ́ọ̀ṣì wa. Kí a sọ pé ó ń tú mìlíwáàtì kan gan-an jáde, àti pé rúlà fi hàn pé ìdábùú àmì pupa náà lára ògiri tó wà nítòsí jẹ́ mìlímítà 2. Ìdajì ìdábùú jẹ́ mìlímítà 1, ìyẹn mítà 0.001. Fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o sì fi 3.14 sọ èyí di púpọ̀: fífẹ̀ ojú àmì náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 0.00000314. Pín wáàtì 0.001 sí i, ìmúná yóò jẹ́ wáàtì 318 lójú mítà onígun mẹ́rin. Fi 2 àti 377 sọ 318 di púpọ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 240,000. Tẹ bọ́tìnì √, 490 ni yóò jáde.

Fólítì 490 lórí mítà kan! Láti inú tọ́ọ̀ṣì tó ń lo bátìrì kéékèèké.

Ẹni tó bá rántí fólítì 230 tó ń bọ̀ láti ara ògiri ilé rẹ̀ lè fẹ́ sá fún tọ́ọ̀ṣì náà. Kò yẹ kó sá. Fólítì lórí mítà ni, kì í ṣe fólítì lásán. Láti etí kan ìtànṣán náà dé etí kejì kò ju mìlímítà 2 lọ, nítorí náà ohun tó wà láàárín etí méjèèjì kò ju fólítì kan lọ nígbà tó bá tilẹ̀ wà ní ṣóńṣó. Yàtọ̀ sí èyí, pápá náà yí padà kí ẹ̀lẹ́kítírónì tó rìn jìnnà. Ó tì í síwájú, ó fà á padà, kí ó tó kúrò lójú kan. Ní ti pápá òòfà, pín 490 sí 300,000,000, yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá 1.6 nínú mílíọ̀nù tẹ́súlà kan. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá pápá òòfà ilẹ̀ ayé tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà mọ̀ bóyá ìṣirò náà dúró. Pín ìmúná 318 sí eré ìmọ́lẹ̀, ìwọ yóò rí bí okun ṣe kún inú ìtànṣán náà: nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù jáùlù nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Tí ẹ bá wá gba ọ̀nà kejì, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 490 tí ẹ fi wá okun inú pápá iná àti ti òòfà, iye kan náà ni yóò jáde. Tí ọ̀nà méjèèjì kò bá pàdé, àṣìṣe wà níbì kan.

Àwọn àṣìṣe náà ní ojú tí a fi ń dá wọn mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi gbogbo ìdábùú sí ibi tó yẹ kó fi ìdajì rẹ̀ sí yóò sọ fífẹ̀ ojú di ìlọ́po mẹ́rin, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ 245, ìdajì ohun tó yẹ kó rí. Ẹni tó bá gbàgbé nọ́ńbà 2 yóò rí 346. Èyí tó burú jù ni ti mìlímítà onígun mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún mìlímítà ló wà nínú mítà kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù kan mìlímítà onígun mẹ́rin ló wà nínú mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ̀rún pín yóò rí bíi 15.5 dípò 490. Ẹ ṣàkíyèsí pé àṣìṣe ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nínú fífẹ̀ kò sọ pápá di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. √ náà tù ú lójú, ó sọ ọ́ di nǹkan bí ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n ó dín díẹ̀. Ìdí nìyí tí àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fi lè fara pamọ́: ìdáhùn rẹ̀ kì í jọ ohun tó burú.

Gbogbo ìṣirò yìí gbà pé ìmọ́lẹ̀ pín dọ́gba lójú àmì pupa náà. Kò pín bẹ́ẹ̀. Àárín ìtànṣán lésà ló múná jù, ó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé etí, tó fi jẹ́ pé kò sí ibi tí èèyàn lè fi rúlà sí kó ní ibí ni etí rẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí i pé etí ni ibi tí ìmúná ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ti àárín. Tí a bá gba èyí gẹ́gẹ́ bí `r`, ìmúná ní àárín gbùngbùn jẹ́ ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba, ìyẹn 637 nínú àpẹẹrẹ wa, pápá níbẹ̀ yóò sì di bíi 693. Ẹni tó bá ń wá ìpíndọ́gba lè dúró sórí 490. Ẹni tó bá ń wá ibi tó le jù ní láti lo 693. Àwọn méjèèjì tọ̀nà, bí wọ́n bá ti sọ èyí tí wọ́n ń sọ.

Nínú yàrá ìwádìí, abẹ ìfárùngbọ̀n ni wọ́n fi ń wá `r` yẹn. Wọ́n á de abẹ náà mọ́ orí ohun èlò kan tí ìdè olójú-ìwọ̀n ń tì síwájú, wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ ìwọn-agbára sẹ́yìn rẹ̀. Bí abẹ náà ti ń wọ inú ìtànṣán, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á máa wálẹ̀. Wọ́n á kọ ibi tí abẹ wà sílẹ̀ nígbà tó ku ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, àti nígbà tó ku 16. Bí abẹ ṣe rìn láàárín ibi méjèèjì ni `r`. Ó dára kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lókè sódò àti lọ́tùn-ún sósì, nítorí ìtànṣán tọ́ọ̀ṣì kéékèèké sábà máa ń gùn bí ẹyin dípò kó rí roboto. Bí ó bá gùn, a ó fi `r` kan sọ èkejì di púpọ̀ dípò fífi ọ̀kan sọ ara rẹ̀.

Ìmúná 318 kò tó ti oòrùn ọ̀sán gangan, tó máa ń tó wáàtì 1,000 lójú mítà onígun mẹ́rin nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Kí ló dé tí ìkìlọ̀ fi wà lára tọ́ọ̀ṣì nígbà náà? Ẹyinjú ló fa èyí. Dígí inú ẹyinjú ń kó ìtànṣán jọ sójú àmì kékeré lórí awọ tó ń ríran ní ẹ̀yìn ẹyinjú. Ìdábùú tó jẹ́ mìlímítà 2 lè di nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí ìdábùú bá di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìmúná á di ìlọ́po 10,000, èyí tó fi ju mílíọ̀nù mẹ́ta wáàtì lọ lójú mítà onígun mẹ́rin, pápá iná á sì di ìlọ́po 100: fólítì 49,000 lórí mítà. Mìlíwáàtì kan náà ni, kò sí okun kankan tó pọ̀ sí i. `CLASS 2` fọkàn tán ojú pé yóò ṣẹ́ láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kí awọ náà tó gbóná jù. Ọmọdé tí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì ṣeré fún, tó sì tẹjú mọ́ ọn, ti ba ìrètí yẹn jẹ́.

Ọ̀nà ìṣirò yìí ní ibi tó mọ. Tí a bá kó ìtànṣán jọ títí tí ìdábùú rẹ̀ fi sún mọ́ gígùn ìgbì kan ṣoṣo, ògiri kò tẹ́ mọ́, pápá á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí iwájú díẹ̀, àwọn ìlà mẹ́ta yẹn kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Àwọn lésà kan tún wà tí kì í tàn lọ bẹẹrẹ. Ńṣe ni wọ́n ń kọ mànà. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó ń kọ mànà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí okun inú ìkọmànà kọ̀ọ̀kan jẹ́ jáùlù 0.1, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju nánósẹ́kọ́ńdì 10 lọ, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ ìwọn-agbára yóò kà wáàtì 1 péré. Tí ìdábùú ìtànṣán bá jẹ́ mìlímítà 6, ẹni tó bá fi wáàtì 1 yẹn ṣe ìṣirò yóò rí fólítì 5,000 ó lé díẹ̀ lórí mítà, yóò sì rò pé òun ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n lésà náà kì í tàn fún ọ̀pọ̀ àkókò tí ẹ̀rọ fi ń kà á. Láàárín ìkọmànà, agbára rẹ̀ jẹ́ jáùlù 0.1 tí a pín sí nánósẹ́kọ́ńdì 10: mílíọ̀nù mẹ́wàá wáàtì. Pápá iná á wá tó mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún fólítì lórí mítà. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ, ìyàtọ̀ irú èyí ló sì ń sọ bóyá dígí tí wọ́n gbé síwájú lésà yóò dúró tàbí yóò jó.

Mílíọ̀nù mẹ́ta fólítì lórí mítà ti tó láti mú kí afẹ́fẹ́ ta iná láàárín irin méjì tí a so mọ́ iná tí kì í yí padà. Ìtànṣán wa ju èyí lọ ní ìlọ́po márùn-ún, síbẹ̀ ó ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá jẹ́ẹ́, nítorí pápá rẹ̀ ń yí padà kí ẹ̀lẹ́kítírónì tó rí eré sá. Àfi tí a bá fi dígí kó o jọ sójú kan ni afẹ́fẹ́ á ta pàó, tí iná funfun á sì yọ níbi tí kò ti sí nǹkan kan.

Ìṣòro yìí gan-an ló dá àwọn tó ń kọ́ lésà ńlá dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá fi okun kún ìkọmànà tó kúrú, ìmúná á le débi pé ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara rẹ̀ jọ nínú gíláàsì tó ń fi okun kún un, á sì ba gíláàsì náà jẹ́. Ní 1985, Donna Strickland àti Gérard Mourou ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n na ìkọmànà náà gùn kí wọ́n tó fi okun kún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fún un pọ̀ padà. Tí a bá na ìkọmànà kan di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ní gígùn, agbára rẹ̀ á di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, pápá iná tí gíláàsì ń fara dà á sì di nǹkan bí ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ní 2018, àwọn méjèèjì gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì lórí iṣẹ́ yìí. Arthur Ashkin, tó fi ìtànṣán lésà di àwọn nǹkan kéékèèké mú, ló gba ìdajì tó kù.